Aládùúgbò Wo? Bí Ọmọ Aláta Ṣe Rí Ọ̀gá Nínú Iṣẹ́ Lọ́yà

Àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà n'Íbàdàn ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo tún un kọ kó lè ṣeé kà, mo sì yọ àwọn ibi tí mo ti dánu dúró mu omi kúrò.

Ẹ káàsán o, gbogbo yín. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó síwájú, mo júbà kí n tó la ẹnu.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí ẹni tí kò ní lọ́yà kan ṣoṣo nílé bàbá àti nílé ìyá rẹ̀ ṣe ń rí ọ̀gá tí yóò fà á lọ́wọ́, tí kò sì ní sọ ọ̀gá náà nù. Mo mọ ìdí tó fi jẹ́ èmi ni wọ́n pè. Ata ni ìyá mi ń tà ní Bódìjà. Mọ́tò akérò ni bàbá mi wà títí ojú fi ń dà á láàmú. Kí n tó dé wíìgì, ẹnì kan péré ló ti wọ kóòtù gíga rí nínú ìdílé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, wọn ò sì pè é síbẹ̀ kó wá gbẹjọ́ rò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọmọ lọ́yà ní tí àwa kò ní, torí àwọn kan rò pé owó ni, àwọn mìíràn rò pé orúkọ ni. Olóyè Rotimi Williams wà lára àwọn méjì tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní oyè Sáàn, oyè àwọn àgbà lọ́yà ní Nàìjíríà, ní 1975. Bàbá tiẹ̀ ti jẹ́ lọ́yà ṣáájú rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́ ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní tiẹ̀, ọmọ ọdún 37 ni nígbà tí wọ́n pè é sí iṣẹ́ lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946. Àwọn méjèèjì dé ibi gíga, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ilé tí bàbá ti jẹ́ lọ́yà. Bàbá yóò ti kóòtù dé, yóò jókòó sídìí oúnjẹ, yóò máa ráhùn pé akọ̀wé kóòtù dá ìwé òun padà, pé adájọ́ báyìí kì í fẹ́ kéèyàn tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́ẹ̀mejì, pé ọmọ kékeré kan dìde sọ̀rọ̀ lónìí láì tíì jẹ́ kí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ sọ tiẹ̀ tán. Ọmọ ń jẹ iyán, ó ń gbọ́. Kó tó pé ogún ọdún, ó ti mọ nǹkan tí kò sí nínú ìwé kankan, kò sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ráhùnráhùn ìdí oúnjẹ yẹn ni àwa ń wá kiri.

Àbúrò mi tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì sàn jù mí lọ níbi ká rí ọ̀gá. Bàbá mi mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jókòó, wọ́n kọ ìwé àdéhùn, wọ́n dá iye ọdún, wọ́n sọ iye tí a ó san àti ohun tí a ó gbé wá lọ́jọ́ firídọ̀mù. Ọ̀gá mọ̀ pé òun jẹ ọmọ náà ní iṣẹ́, ọmọ sì mọ̀ pé òun jẹ ọ̀gá ní ìsìn. Nígbà tí wọ́n pe èmi sí iṣẹ́ tèmi, òfin ò fi dandan lé e pé kí n lọ sin ẹnikẹ́ni. Bí mo bá fẹ́, mo lè gbé pátákó kọ́ ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ kejì kí n máa gba ẹjọ́. Kò sí ìwé àdéhùn, kò sẹ́ni tó jẹ mí ní nǹkankan. Ẹni tí yóò kọ́ mi gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí yóò mú kó fẹ́ ẹ.

Ẹ má sì jẹ́ ká dàrú mọ́ ara wa: ẹni tó gbà yín síṣẹ́ lè má jẹ́ ọ̀gá tí mò ń wí. Mo ríṣẹ́ sí ṣáńbà kékeré kan, ọ́fíìsì lọ́yà, lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni tó ni ín kì í ṣe èèyàn búburú, ṣùgbọ́n òṣèlú ti gbé e lọ tán. Ó máa ń fi fáìlì sórí tábìlì mi, ó máa ń sọ pé, "Lọ bá wa rí sí i," ó di ọjọ́ kejì. Bí mo bá ṣe é dáadáa, kò mọ̀. Bí mo bá bà á jẹ́, adájọ́ ló máa ń sọ fún mi lójú gbogbo ayé.

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà.

Obìnrin kan ra ilẹ̀, ẹni tó tà á fún un tún ilẹ̀ kan náà tà fún ẹlòmíràn. A pẹjọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀ kí ẹjọ́ tó lè rìn. Bélífù kóòtù lọ sílé ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mẹta, géètì tì, kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà wà: a ó gbé móṣàn, ìwé ẹ̀bẹ̀, lọ bá adájọ́ láìsọ fún ẹnìkejì, pé kó gbà wá láàyè láti fi ìwé náà ránṣẹ́ lọ́nà mìíràn, bíi ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì ilé rẹ̀. Móṣàn náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ìbúra tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Èmi ni mo kọ ìwé ìbúra yẹn, akọ̀wé ṣáńbà wa ló búra sí i. Ìlà kẹfà kà báyìí pé: "Mo gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò pé olùjẹ́jọ́ ti sá kúrò nílé nítorí ẹjọ́ yìí." Ìlà kẹjọ sì sọ pé ó tọ́ lábẹ́ òfin kí kóòtù gba ẹ̀bẹ̀ wa. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi nígbà tí mo kà á.

Adájọ́ kà á, ó yọ gíláàsì, ó bi mí pé ta ló gbọ́ ọ, lẹ́nu ta ni. Mo ní àwọn aládùúgbò ni, Olúwa mi. Ó wò mí títí, ó lé móṣàn náà dànù. Kì í ṣe pé ẹjọ́ kú o, mo ṣì lè tún un ṣe kí n sì gbé e padà wá. Ṣùgbọ́n lójú mi lọ́jọ́ yẹn, bí ìgbà tí wọ́n gba wíìgì lórí mi ni.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, ní Ríǹgì Róòdù níbí. Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi nínú kóòtù, tí wọ́n ti pè sí iṣẹ́ ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú mi, ń di ìwé rẹ̀ sínú àpò. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, "Aládùúgbò wo?" Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní, "Lọ ka ẹ̀ka 115 nínú òfin ẹ̀rí," ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo délé, mo ṣí òfin ẹ̀rí ti 2011. Ó wà níbẹ̀ gbagada. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni ìwé ìbúra gbọ́dọ̀ sọ. Kò gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀, kò gbọdọ̀ ro òfin, kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́. Ìlà kẹjọ mi ti kú nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn sọ fún ẹni tó búra ni, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni náà, kó sọ ìgbà tó sọ ọ́, ibi tó ti sọ ọ́ àti bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìlà kẹfà náà kú. Mo ti ka ẹ̀ka yẹn fún ìdánwò rí, mo tilẹ̀ há a sórí. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ òfin, ọ̀tọ̀ ni kó rántí rẹ̀ nígbà tí bírò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bélífù àti akọ̀wé wa padà lọ sílé ọkùnrin náà. Mo tún ìwé ìbúra kọ. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ orúkọ obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ níwájú ilé náà, mo kọ ọjọ́ àti aago tó bá akọ̀wé wa sọ̀rọ̀, mo kọ ohun tí mo gbà pé ó sọ. Kí n tó gbé e lọ sí kóòtù, mo yọ orúkọ oníbàárà, ti olùjẹ́jọ́ àti ti obìnrin náà kúrò nínú ẹ̀dà kan, mo fi ẹ̀dà yẹn sínú fáìlì. Mo lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ní Ọjọ́bọ̀, torí mo ti ṣàkíyèsí pé ó máa ń ní ẹjọ́ níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó jáde, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni aládùúgbò." Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní mo ti ka ẹ̀ka 115, mo ti tún un kọ, ojú ewé méjì péré ni, ìlà kan ṣoṣo ni kò sì dá mi lójú. Mo nà án sí i.

Ó kà á lórí ìdúró. Ó yọ bírò pupa láti àpò. Kì í ṣe ìlà tí mo béèrè ló fi sámì sí, èyí tí ọkàn mi balẹ̀ lé ló fa ìlà sí. Ó ní, "O sọ pé ó ti sá kúrò nílé. Lẹ́yìn náà o ní kí kóòtù jẹ́ kó o lẹ ìwé mọ́ géètì ilé tó ti sá kúrò. Ta ni yóò wá kà á?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúró bí òpó. Àṣìṣe yẹn ti wà nínú ìwé àkọ́kọ́, ó tún wà nínú ìkejì, èmi ò rí i, adájọ́ ò tilẹ̀ tíì dé ibẹ̀. Ohun tí kóòtù fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọ̀nà tí mo ní kí a gbà yóò mú ìwé dé ọwọ́ ọkùnrin náà. Èmi ni mo sì ń fi ẹnu ara mi sọ pé kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí aránṣọ náà sọ gan-an ni pé alaalẹ́ ló ń wọlé, tó sì ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ì bá gbà mí là nìyẹn, mo ti pa á tì torí pé "ó ti sá" ló dùn létí mi. Mo tún un ṣe níbẹ̀, lórí fáìlì, pẹ̀lú ọwọ́. Nígbà tí mo gbé móṣàn padà, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni adájọ́ fi gbà á.

Ibi tí mo ti rí ọ̀gá mi nìyẹn. Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ mẹ́ńtọ̀ mi, n kò tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò bá mi jiyàn: kò sí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí nípa ká jókòó gba ìmọ̀ràn. Ẹni tó fi bírò pupa fa ìlà sí ohun tí o kọ ni ọ̀gá rẹ. Ẹni tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn láìka ohun tó o kọ rí, èèyàn dáadáa ni, kí i dáadáa.

Ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe yàn án, torí ẹ lè rò pé orí ló kó mi yọ. Kí ọ̀rọ̀ aládùúgbò tó ṣẹlẹ̀, mo ti máa ń jókòó sẹ́yìn kóòtù lẹ́yìn tí ẹjọ́ tèmi bá parí. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló máa ń tẹríba fún adájọ́ tí wọ́n á sì sá jáde. Èmi máa ń dúró, nígbà mìíràn títí tó fi jẹ́ pé èmi nìkan ló kù níbùjókòó lọ́yà, ẹ sì mọ̀ pé àṣà iṣẹ́ wa ni pé ẹni tó bá kẹ́yìn kì í dìde fi adájọ́ sílẹ̀. Ohun tí mò ń wò kì í ṣe ẹni tí gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dùn. Mò ń wo ẹni tí ìwé rẹ̀ ń kọjá láìní wàhálà. Mò ń wo ẹni tó máa ń sọ ìdí gan-an bó bá fẹ́ kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, àti ẹni tí àwọn akọ̀wé kóòtù ń kí tọkàntọkàn nígbà tí adájọ́ ò sí níbẹ̀. Láàárín oṣù méjì, mo ti mọ èèyàn mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Òun jẹ́ ọ̀kan. Bí kò bá sọ̀rọ̀ sí mi lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kù ni ǹ bá mú móṣàn mi tó wó lọ bá.

Kò sí Sáàn nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe pé mi ò bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ wò ó: ó kéré tán, èèyàn gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ kó tó lè gba oyè náà, bó bá sì ti gbà á, ìlànà ò jẹ́ kó máa lọ jà ní kóòtù májísíréètì mọ́, kò sì gbọdọ̀ dá nìkan dúró nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn ní kóòtù gíga, àfi kí lọ́yà mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń dùn yín báyìí, bí ìwé tí akọ̀wé kóòtù dá padà, ó ti pẹ́ tó ti gbàgbé ẹ̀. Ẹni tó fi bí ọdún mẹ́jọ sí méjìlá ṣáájú yín, tó ṣì ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ móṣàn, ìyẹn ló ṣì rántí ibi tí ẹ̀gún wà. Ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ lọ́yà dára láti mọ ojú wọn, àti ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà tí kò tíì kọjá ọdún méje lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n inú kóòtù lẹ ti ń mọ iṣẹ́ wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ẹ fi ojú ẹni tí yóò gbà á wò ó. Èyí tí mo máa ń gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyí: "Ẹ káàárọ̀ mà. Mo nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yín púpọ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ mẹ́ńtọ̀ mi." Kí ni kí n ṣe sí i? Ẹrù tí kò ní ìdí tí kò ní orí ni. Mo máa ń dáhùn pé ẹ ṣeun, ó parí síbẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan kọ èyí sí mi: "Ẹ káàárọ̀ mà. Mo wà ní kóòtù nígbà tẹ́ ẹ bi ẹlẹ́rìí agbófinró léèrè lọ́jọ́ Ajé. Ẹ dáwọ́ dúró lẹ́yìn tó ti gbà pé òun ò kọ aago sílẹ̀, ẹ ò bi í léèrè ìdí. Èmi ì bá bi í. Mo ti kọ èrò mi lórí ìdí tẹ́ ẹ fi dáwọ́ dúró sí ìlà márùn-ún. Ṣé mo lè fi ránṣẹ́ kí ẹ sọ bóyá mo tọ̀nà?" Ìgbà tí mo kà á tán, oúnjẹ mi ti tutù. Mo pè é. Ó tọ̀nà díẹ̀: ìdí ni ẹlẹ́rìí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe bí o bá bi í.

Ẹ̀yin obìnrin, ọ̀rọ̀ kan péré. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù àti ọ́fíìsì tí akọ̀wé rẹ̀ jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti ń bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní òtẹ́ẹ̀lì ni òun ti lè ka móṣàn yín, ẹ gba fáìlì yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí, bí a kò ṣe ń sọ ọ̀gá nù. Ohun àkọ́kọ́ ni àbọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ tí adájọ́ gba móṣàn mi, kí n tó jẹun ni mo ti pè é: wọ́n gbà á, sà, ohun tí wọ́n béèrè nìyí, ohun tí mo fi dáhùn nìyí. Àgbà tó bá ti bá yín tún nǹkan ṣe ń dúró láti gbọ́ ibi tó já sí, bí kò tilẹ̀ sọ. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, tàbí tí kò gbọ́ rárá, ìgbà kejì yóò nira. Mo sì máa ń kó ìbéèrè jọ. Bí mo bá ní márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, mo ti fúnra mi rí ìdáhùn mẹ́ta, méjì ni mo ń gbé lọ.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí n bá òun dúró. Bí ó bá ní ẹjọ́ ní kóòtù méjì lọ́jọ́ kan náà, yóò fún mi ní fáìlì ọ̀kan kí n dìde lórúkọ rẹ̀. Ọlá ńlá nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣubú. Ó ní ọjọ́ kan tó fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi ní alẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, kí wọ́n kàn sún un síwájú. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. N kò ṣí i. Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́, ẹnìkejì ò sí níbẹ̀. Adájọ́ bi mí bóyá wọ́n ti fi ìwé ọjọ́ ìjókòó tó ẹnìkejì létí. N kò mọ̀. Ó ní ta ló ni fáìlì tó wà lọ́wọ́ mi. Ó dá owó ìtanràn lé wa.

Ṣé ẹ mọ ohun tó gbà mí? Mi ò dúró kí ó gbọ́. Mo jókòó sí ìta kóòtù, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i: ohun tí adájọ́ béèrè, ohun tí mo dáhùn, pé mi ò ṣí fáìlì, iye owó tí wọ́n dá, ọjọ́ tí wọ́n sún un sí, àti pé mo ti wo fáìlì náà báyìí, ẹ̀rí pé wọ́n ti gba ìwé náà wà ní ojú ewé tó kẹ́yìn. Mi ò fi "iṣẹ́ èṣù ni" kún un. Kò dáhùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó fi fáìlì mìíràn ránṣẹ́, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sórí rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa: "Ṣí i." Mo san owó ìtanràn náà, ó gbà á, kò ṣe bí ẹni pé kò nílò rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Ewu kan wà tí ọmọ lọ́yà kì í sábà kó sí, torí bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un. Àṣírí oníbàárà kì í ṣe tiwa láti gbé kiri. Ẹ rí i pé mo yọ orúkọ kúrò nínú ìwé tí mo fi han ọ̀gá mi, torí òun ò sí ní ṣáńbà wa. Síbẹ̀, yíyọ orúkọ kò tó. Ní ọdún kejì, mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan lọ bá ọ̀kan nínú àwọn àgbà méjì yòókù tí mo sọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀: "Sà, ilẹ̀ kan wà lójú ọ̀nà..." Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Dúró ná. Ilẹ̀ ibo? Ṣáńbà wo ló wà ní òdìkejì?" Mo sọ ọ́. Ṣáńbà tirẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ èèyàn tí kò ní ẹ̀rí ọkàn ni, mo ti fẹnu ara mi tú àṣírí oníbàárà wa fún ọ̀tá rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mò ń bi ẹnikẹ́ni ni ta ni ó dúró fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi, kí n fi sọ̀kalẹ̀. Ó pé ọdún kan tí mo ti ń dárúkọ ọkùnrin yìí nílé. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní kí n mú òun lọ síbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní iṣẹ́ tiwa kì í ṣe ti mẹkáníìkì. Kò dá mi lóhùn. Ó gbé èlùbọ́ Ṣakí ńlá kan, ó gbé ata rodo tó ṣà lẹ́yọ lẹ́yọ, ó wọ aṣọ òkè. A dé ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó lè bí. Ọ̀gá mi sáré dìde, òun náà dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi ní, "Mi ò mọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nígbà tí mo fi àbúrò rẹ̀ fún ọ̀gá, a fà á lé e lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò fa ti eléyìí lé yín lọ́wọ́. Mo wá fà á lé yín lọ́wọ́ ni." Ojú tì mí, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọkùnrin náà dákẹ́ títí, ó ní, "Mo ti gbà á, Mà."

Ẹ gbà mí gbọ́, láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni bírò pupa rẹ̀ ti le sí i. Ó ń pe mí láago mẹ́fà àárọ̀. Ó dá ìwé mi padà lẹ́ẹ̀marùn-ún nítorí àmì ìdánudúró. Gbogbo bí mo ṣe ń ka ìwé lórí bí a ṣe ń bá àgbà lò, obìnrin tí kò kàwé ló mọ ohun tó kù.

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n sọ ọ̀gá mi di adájọ́. A jó, a yọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo pa gbogbo ìbéèrè mi rẹ́ lórí fóònù. A kì í bá adájọ́ sọ ẹjọ́ tó wà nílẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tí kò sí níwájú rẹ̀. Bí ẹjọ́ mi bá bọ́ sí kóòtù rẹ̀, yóò sọ fún àwọn méjèèjì pé òun mọ̀ mí, yóò sì dá a padà kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Bí a bá pàdé lọ́dẹ̀dẹ̀ yẹn báyìí, mo ń tẹríba, ó ń mi orí, a ń kọjá lára wa.

Ìyá mi ò tíì gbà. Nígbà tí ọdún dé, ó ti di èlùbọ́ ọ̀gá mi sínú àpò. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé pé lọ́yà tó ń wọ kóòtù kò gbọdọ̀ máa gbé ẹ̀bùn lọ sílé adájọ́, wọ́n lè fi bà á jẹ́, wọ́n lè fi ba èmi náà jẹ́. Ó gbọ́ mi títí, ó ń tú okùn àpò náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹni tó bá ti di adájọ́ kì í jẹ àmàlà mọ́ ni?"